Àwọn Mẹ́fà Yòókù Dà? Bí A Ṣe Ń Yẹ Tébù Wò Kí Iye Inú Rẹ̀ Lè Bá Iye Àwọn Tó Dáhùn Mu

Ní Ọ́ńdà Jí, lẹ́bàá Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àsìkò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti dé, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n bá wọn ṣe orí kẹrin. Tébù á jáde, á dára lójú, wọn á tẹ̀ ẹ́, wọn á dì í. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá dé iwájú alábòójútó, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé á mú bírò, á ro nọ́ńbà inú tébù àkọ́kọ́ pọ̀. "Ẹ ní èèyàn 112 ló dáhùn. 106 ni mo rí níbí. Àwọn mẹ́fà yòókù dà?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Àwọn mẹ́fà yẹn jókòó, wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì dáhùn. Tí tébù kò bá rí wọn mọ́, ó yẹ ká mọ ibi tí wọ́n gbà lọ. Bí a ṣe ń wá wọn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, pẹ̀lú Excel tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣèwádìí nípa àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní abúlé tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Surulérè àti Orí-Ire, láti agbègbè Ìrẹsà-Adú títí dé ọ̀nà Ìkòyí-Ilé. Ó pín fọ́ọ̀mù 120. 114 ló padà sọ́wọ́ rẹ̀. Nínú 114 yìí, méjì wà tó jẹ́ pé ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n kọ nǹkan sí, ó sì yọ wọ́n kúrò. Ó ku 112.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé 112 yẹn gan-an tọ̀nà

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá ibí yìí. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yìí la máa fi díwọ̀n gbogbo tébù. Tí òun fúnra rẹ̀ bá ti wọ́, kò sí èyí tó máa gún. Àwọn fọ́ọ̀mù tí a pín, àwọn tó padà, àti àwọn tí a lò, nọ́ńbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Èyí tí a lò ni tébù gbọ́dọ̀ bá mu, kì í ṣe èyí tí a pín.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà, ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà sí igun òkè fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan: 001, 002, títí dé 114. Nọ́ńbà yìí náà ni kó wà ní òpó A nínú Excel, kí fọ́ọ̀mù kan ní ìlà kan. Tí ìlà kìíní bá jẹ́ ti àkọlé, èèyàn 112 á bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 2, á parí sí ìlà 113. Ẹ bi Excel pé:

```
=COUNTA(A2:A113)
```

112 ló yẹ kó fún yín. Tí ẹ bá ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ láti A1, á ka àkọlé mọ́ wọn, á sì sọ fún yín pé 113 ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbà pé ó parí. Iye ìlà nìkan ni COUNTA ń kà. Kò mọ̀ bóyá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù 057 lẹ́ẹ̀mejì, tó sì fo 058. Iye ìlà á ṣì pé 112, bẹ́ẹ̀ obìnrin kan ti di méjì, èkejì sì ti pòórá. Nítorí náà, ẹ lọ sí òpó tó ṣófo, kí ẹ kọ èyí sí ìlà 2, kí ẹ sì fà á sísàlẹ̀ dé ìlà 113:

```
=COUNTIF(A$2:A$113,A2)
```

Gbogbo àpótí ló yẹ kó sọ 1. Ibi tí ẹ bá ti rí 2, fọ́ọ̀mù yẹn ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìdì mọ́kànlá pẹ̀lú méjì lé ló yẹ kó jẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà fọ́ọ̀mù méjì tí ẹ yọ kúrò sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi yọ wọ́n, nítorí wọn á béèrè.

Ẹ fọwọ́ ara yín ro tébù pọ̀

Ẹ má gba ohun tó wà ní ìlà "Àpapọ̀" gbọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó tẹ tébù ló fọwọ́ kọ 112 síbẹ̀ torí ó mọ̀ pé 112 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bò ó, kí ẹ ro àwọn ìlà òkè rẹ̀. Tébù ọjọ́ orí nìyí bó ṣe ti ṣọ́ọ̀bù dé:

| Ọjọ́ orí | Iye èèyàn | Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún |
|---|---|---|
| Kò tó 30 | 14 | 13.2 |
| 30–39 | 28 | 26.4 |
| 40–49 | 36 | 34.0 |
| 50–59 | 19 | 17.9 |
| 60 sókè | 9 | 8.5 |
| Àpapọ̀ | 112 | 100.0 |

14 àti 28 jẹ́ 42. Tí a bá fi 36 kún un, 78. 19 sọ ọ́ di 97. 9 sọ ọ́ di 106. Mẹ́fà ló dín.

Ẹ wá wo òpó tó gbẹ̀yìn. Ẹ rò ó pọ̀: 100.0 ni, kò lé, kò dín. Òpó yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á rí 100, ọkàn wọn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n iyekíye èèyàn tó bá wà nínú tébù, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún á parí sí 100 níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ àpapọ̀ àwọn ìlà tó wà nínú tébù yẹn la fi pín. Kò lè sọ fún yín pé àwọn kan kò sí nínú tébù.

Àmọ́ a lè lò ó láti mọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi pín. Ẹ mú ìlà kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ 112 ló fi pín 14, èsì á jẹ́ 12.5. 13.2 ló wà níbí, èyí tó jẹ́ ti 106. Tí ẹ kò bá tíì mọ 106 náà, ẹ yí i padà: ẹ fi 34.0 pín 36, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ẹ máa rí nǹkan bíi 105.9. Ìyẹn ti tó láti mọ̀ pé 112 kọ́ ni wọ́n lò.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbí: òpó ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lè parí sí 99.9 tàbí 100.1, kò sì burú, nítorí a ti gé àwọn ẹ̀yìn nọ́ńbà kúrò. Òpó iye èèyàn kò ní irú àǹfààní yẹn. Èèyàn kì í ṣe ààbọ̀. Bó ṣe ẹyọ ẹnì kan ló dín, ó ní ibi tó wà.

Wíwá àwọn mẹ́fà náà

Ẹ padà sí òpó tí ọjọ́ orí wà nínú Excel. Ká ní òpó C ni. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta:

```
=COUNTBLANK(C2:C113)
=COUNTA(C2:C113)
=COUNT(C2:C113)
```

Èsì iṣẹ́ yìí ni 1, 111 àti 110. Àkọ́kọ́ ń sọ pé àpótí kan ṣófo: ẹnì kan kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ìkejì ń sọ pé àpótí 111 ní nǹkan nínú. Ìkẹta sì ń sọ pé nínú 111 yẹn, 110 péré ni nọ́ńbà gidi. Ó túmọ̀ sí pé àpótí kan ní nǹkan tó jọ nọ́ńbà, tí Excel kò gbà ní nọ́ńbà. Ojú lásán lè rí i: tí ẹ kò bá tíì yí ètò àpótí padà, nọ́ńbà máa ń fara ti apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ á fara ti apá òsì. Ẹ yí òpó náà wálẹ̀, ẹ máa wo apá òsì. Òun nìyẹn: ẹnì kan ti tẹ "42 ọdún" dípò 42. Gbogbo kíkà tó bá ní ">=" tàbí "<=" nínú máa ń fo irú àpótí bẹ́ẹ̀, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde, kí ẹ rí i pé 42 ni obìnrin náà sọ lóòótọ́, kí ẹ tó tún un tẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń fara pamọ́. Tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá tẹ àyè lásán sínú àpótí, ojú á rí i bí òfìfo, ṣùgbọ́n COUNTA á kà á mọ́ àwọn tó ní nǹkan, COUNTBLANK kò sì ní kà á. Tí ẹ bá rí i pé COUNT kéré sí COUNTA, tí ẹ kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan lápá òsì, àyè lásán ni kí ẹ fura sí.

A ti rí ẹni méjì. Ó ku mẹ́rin. Nígbà tí àpótí kò bá ní àléébù mọ́, ìlànà tí a fi pín wọn ló kàn. Ẹ tẹ orí nọ́ńbà 28 tó wà fún 30–39 nínú ìwé Excel, kí ẹ ka ohun tó fara hàn lókè:

```
=COUNTIFS(C2:C113,">30",C2:C113,"<=39")
```

Ìlà tó ṣáájú rẹ̀ ń ka àwọn tó wà ní "<30". Èyí ń ka ">30". Ta ló wá ka ẹni tó pé 30 géérégé? Kò sí. Àmì "=" kan ló ṣubú. Ẹ dán an wò:

```
=COUNTIF(C2:C113,30)
```

Mẹ́rin ló dáhùn. Kò sì yẹ kó yà yín lẹ́nu pé kì í ṣe ẹyọ kan. Tí ẹ bá bi àwọn ìyá ní abúlé ní ọjọ́ orí wọn, ọ̀pọ̀ á dá a sí 30, 40 tàbí 50, nítorí náà ààlà gan-an lèrò máa ń pọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe kékeré lójú ààlà fi máa ń kó èèyàn púpọ̀ lọ.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Tí ìpín méjì bá jọ ní 30, bíi 20–30 àti 30–40, àwọn mẹ́rin yìí á wọ méjèèjì, àpapọ̀ á sì lé. Ìyẹn ṣì ṣeé tún ṣe tó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí gan-an lẹ kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé orí fọ́ọ̀mù ni ẹ ti tẹ ìpín bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n máa fàmì sí i, kò sí ohun tí Excel lè ṣe: ẹlòmíràn á fàmì sí ti ìsàlẹ̀, ẹlòmíràn á fàmì sí ti òkè, iye á sì pé 112 láìsí ẹni tó máa mọ̀. Kí ẹ tó pín fọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti wo èyí.

Lẹ́yìn àtúnṣe, mẹ́rin wọ 30–39, ọ̀kan wọ 40–49. Tébù wá di 14, 32, 37, 19 àti 9, àpapọ̀ 111. Ẹni tó ṣẹ́kù ni obìnrin tí kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ má fi ojú díwọ̀n ọn sínú ìpín kankan. Ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀, "Kò sọ ọjọ́ orí: 1", kí àpapọ̀ lè jẹ́ 112. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún á jẹ́ ti àwọn 111 tó dáhùn: 12.6, 28.8, 33.3, 17.1 àti 8.1. Ìyẹn jẹ́ 99.9, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Ẹni tó bá ń lo SPSS á rí irú ẹni yìí ní ìlà `Missing`, á sì rí òpó méjì, `Percent` tó fi 112 pín àti `Valid Percent` tó fi 111 pín. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni ìgbà tí èèyàn bá ń da tébù náà kọ sínú Word: á fo ìlà `Missing` nítorí pé ó rí bí ohun tí kò wúlò, á wá kọ 112 sísàlẹ̀.

Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 9

Tébù ẹ̀kọ́ ìwé nínú iṣẹ́ yìí kà pé: kò lọ sílé ìwé 23, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 47, girama 43, ilé ẹ̀kọ́ gíga 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 121, ó fi 9 lé. Kí ẹ tó lọ máa wá ẹni tó tẹ fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Tí nọ́ńbà méjì inú iye kan bá gba ipò ara wọn nígbà tí a ń dà á kọ, bíi kí 12 di 21, ìyàtọ̀ tó máa ń fà ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù. Àwọn oníṣirò owó ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ẹ fi 9 pín ìyàtọ̀ náà: 1 lèsì, nítorí náà iye tí nọ́ńbà méjì inú rẹ̀ fi ẹyọ kan ju ara wọn lọ ni kí ẹ máa wò. Nínú tébù yìí, 23 àti 43 ló bá a mu. 23 ì bá jẹ́ 32, ṣùgbọ́n ìyẹn á tún mú kí àpapọ̀ pọ̀ sí i. 43 ló kù, tó yẹ kó jẹ́ 34. Òpó ìdá nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́rìí sí i: 30.4 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ ti 34 nínú 112. Ẹ ṣì lọ wo Excel kí ẹ tó yí i padà, nítorí 9 lè ṣèèṣì jẹ́ èèyàn mẹ́sàn-án lóòótọ́.

Àwọn tébù tí kò yẹ kó jẹ́ 112

Obìnrin 67 ní àwọn wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, 45 ní àwọn kò sí níbẹ̀. 67 àti 45 jẹ́ 112, ó dáa. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni "Tí ẹ bá wà níbẹ̀, ọdún mélòó lẹ ti lò?" Tébù yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ 67. Tó bá jẹ́ 69, ẹni méjì tó ní òun kò sí nínú ẹgbẹ́ tún dáhùn, ẹ sì ní láti padà sí fọ́ọ̀mù wọn. Tó bá jẹ́ 112, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti kọ 0 fún gbogbo àwọn tí ìbéèrè náà kò kàn, tí wọ́n sì ti kà wọ́n mọ́ àwọn tí kò tíì lo ọdún kan.

Èyí tó le jù ni ìbéèrè tí èèyàn lè mú ju ìdáhùn kan lọ. "Níbo lẹ ti rí owó tí ẹ fi ń ra ẹ̀gẹ́?" Owó ara wọn 71, alájẹṣẹ́kù 58, ẹbí 39, báǹkì kéékèèké 19. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 187. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rù, wọn á fi 187 pín gbogbo rẹ̀ kí ó lè parí sí 100. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. 187 kì í ṣe èèyàn, àmì tí wọ́n fà ni. Ẹni tó bá fi 187 pín 58 á sọ pé 31.0 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba owó alájẹṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ ó ju ìdajì àwọn obìnrin náà lọ.

Báwo la ṣe máa wá mọ̀ pé 187 tọ̀nà? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀, H dé K, 1 fún ẹni tó fàmì, 0 fún ẹni tí kò fà á. Ní òpó L, ẹ ka iye àmì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fà, kí ẹ fà á sísàlẹ̀:

```
=SUM(H2:K2)
```

Lẹ́yìn náà, ẹ fi `=COUNTIF(L2:L113,0)` ka iye àwọn tí kò fàmì kankan, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 1, 2, 3 àti 4. Ohun tó jáde ni 2, 46, 53, 9 àti 2. Ẹ rò ó pọ̀, 112 ni: èèyàn pé. Ẹ wá sọ iye èèyàn di ìlọ́po iye àmì wọn: 46 tó fa ẹyọ kan jẹ́ àmì 46, 53 tó fa méjì jẹ́ 106, 9 tó fa mẹ́ta jẹ́ 27, 2 tó fa mẹ́rin jẹ́ 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 187: àmì pé. Tí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá yẹ̀, ẹ wá àpótí tí wọ́n tẹ 11 tàbí 2 sí dípò 1.

Àwọn 110 tó dáhùn la máa fi pín. Á fún wa ní 64.5, 52.7, 35.5 àti 17.3, tó jẹ́ 170.0 lápapọ̀. Ẹ má kọ 170.0 yẹn sísàlẹ̀ tébù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn 110 ló dáhùn, pé 2 kò dáhùn, àti pé ẹnì kan lè mú ju ìdáhùn kan lọ.

Ohun tí ríròpọ̀ kò lè rí

Tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá tẹ girama fún obìnrin tó ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlà kan á dín ní ọ̀kan, ìlà kejì á lé ní ọ̀kan, àpapọ̀ á sì dúró ní 112. Kò sí ìṣirò inú tébù tó lè tú u síta. Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́. Nítorí náà, tí gbogbo tébù bá ti pé, ẹ yọ fọ́ọ̀mù kan nínú mẹ́wàá-mẹ́wàá láti inú ìdì yẹn. Kí ẹnì kan máa ka ìdáhùn sókè láti orí ìwé, kí ẹlòmíràn máa wo ìlà nọ́ńbà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, láti òpó àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn. Tí fọ́ọ̀mù méjì tàbí mẹ́ta bá ní àṣìṣe nínú mọ́kànlá yẹn, gbogbo 112 lẹ máa kà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tún gbogbo tébù ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.